Òdo tí mo fi kún 68.5

Ẹni tí jọ́nà ní kó yẹ pépà wa wò kò kọ ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìlà kẹta ló mú mi dìde lórí àga. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ènìyàn 69 tí máàkì kálukú wọn jẹ́ odindi nọ́ńbà ṣe lè ní ìpíndọ́gba 68.50? Mo ṣírò ó síwá sẹ́yìn, kò bọ́ sí i."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó kàn ń wá nǹkan tí yóò sọ ni. Mo wá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo sọ 68.50 di ìlọ́po 69. Ó fún mi ní 4726.5. Ìdánwò tí a fún wọn kò ní ìdajì máàkì, nítorí náà àpapọ̀ máàkì ẹgbẹ́ náà ní láti jẹ́ 4726 tàbí 4727. Mo pín 4726 sí 69, mo rí 68.49. Mo pín 4727, mo rí 68.51. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì. 68.50 tí a kọ sínú pépà, ìpíndọ́gba tí ẹgbẹ́ yẹn kò lè ní láéláé ni.

Ohun tó dùn mí ni pé a kò fi irọ́ kankan sínú iṣẹ́ náà. Máàkì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ìṣirò sì tọ̀nà. Ọwọ́ mi ni nọ́ńbà yẹn ti wá, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló sì gbà kó tó di irọ́. Mo fẹ́ to àwọn ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, torí mo ti rí i nínú pépà àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà náà, àwọn tó kọ ọ́ kì í sì í mọ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹgbẹ́ méjì ni a kọ́ ní nǹkan kan náà lọ́nà méjì, a sì fún wọn ní ìdánwò kan náà tí máàkì rẹ̀ lọ láti òdo dé 100. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ènìyàn 69, ìkejì jẹ́ 66. Sọ́fítíwíà R ni mo fi ṣe ìṣirò. Ohun tó gbé jáde fún ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni 68.44928, ti ìkejì sì jẹ́ 62.15152.

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé èsì. Mo sún nọ́ńbà méjèèjì sí ẹyọ méjì lẹ́yìn pọ́ìntì: 68.45 àti 62.15. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ kọ pépà náà ló ṣe àtẹ. Ó mú nọ́ńbà láti inú èsì R gan-an, ó sì sún wọn sí ẹyọ kan lẹ́yìn pọ́ìntì: 68.4 àti 62.2. Òun náà kò ṣàṣìṣe. Àṣamọ̀, àkópọ̀ kúkúrú tó ń ṣáájú pépà, ló gbẹ̀yìn. Òru ni mo kọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ti ń pọ̀ ju iye tí jọ́nà gbà wá láyè, mo wá ní kí n dín nọ́ńbà kù sí ẹyọ kan lẹ́yìn pọ́ìntì. N kò ṣí R. Inú ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ni mo wò, mo rí 68.45, márùn-ún ló wà ní ìdí rẹ̀, mo sì sún un sókè bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa níléèwé. Ó di 68.5.

Ẹ wò ó báyìí. Àtẹ ní 68.4, àṣamọ̀ ní 68.5, ọ̀rọ̀ inú pépà sì ní 68.45 tó dà bíi pé ó ń ti méjèèjì lẹ́yìn. Ẹni tó bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Àwọn tó mọ̀ nípa ìṣirò máa ń pe èyí ní ráúńdì ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo sọ 68.44928 di 68.45, mo fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ náà kò tó nǹkan, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, mo ti gbàgbé pé mo fi nǹkan kún un, mo mú 68.45 bíi pé òun gan-an ni nọ́ńbà tí a bí. Èyí tí a bí kò dé 68.45 rárá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wà, nítorí náà 68.4 ló súnmọ́ ọn jù. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a sún nọ́ńbà, láti orí èyí tí kọ̀ǹpútà pa mọ́, kì í ṣe láti orí èyí tí a ti sún tẹ́lẹ̀. Tí ó bá di pé a fẹ́ ẹ kúrú sí i, ìdí orísun la ó padà sí.

Bó bá parí síbẹ̀, ìyàtọ̀ 68.4 àti 68.5 kò ní pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí pépà padà wá fún àtúnṣe, olóòtú ní ẹyọ méjì lẹ́yìn pọ́ìntì ni àwọn fẹ́ jákèjádò, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Mo lọ sínú àṣamọ̀, mo rí 68.5, mo fi òdo kan sí ìdí rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ náà kí ó má bàa ta ko àṣamọ̀. Mo rò pé òdo ni, kò lè fi nǹkan kún nǹkan.

Òdo tó wà ní ìdí nọ́ńbà lẹ́yìn pọ́ìntì ní ohun tó ń sọ o. Ẹni tó kọ 68.5 ń sọ fún wa pé òótọ́ wà níbìkan láàárín 68.45 sí 68.55. Ẹni tó kọ 68.50 ń sọ pé ó wà láàárín 68.495 sí 68.505. Àlàfo náà ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo búra nípa ohun tí n kò wò, òun ni ẹni tó yẹ pépà wò fi mú mi.

Ọ̀nà tó fi mú mi ní orúkọ. GRIM ni wọ́n ń pè é, Nick Brown àti James Heathers ló gbé e jáde, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ohun tí mo ti ṣe lókè yìí lọ: sọ ìpíndọ́gba di ìlọ́po iye ènìyàn, wo odindi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù, pín in padà, kí o wò ó bóyá ó bọ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Máàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi, àti pé fún ìpíndọ́gba tó ní ẹyọ méjì lẹ́yìn pọ́ìntì, iye ènìyàn kò gbọ́dọ̀ tó ọgọ́rùn-ún, torí tó bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìpíndọ́gba tí kò ní ṣeé ṣe mọ́. Bí mo bá fi 68.5 sílẹ̀ bó ṣe wà, GRIM kì bá tí lè rí mi mú. Òdo yẹn ló tú mi fó.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé mo ti yẹ iṣẹ́ náà wò kí n tó fi ránṣẹ́, ìyẹ̀wò náà sì tàn mí jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì nínú èsì R jẹ́ 6.29776, a sì kọ ọ́ sí 6.3. Mo yọ 62.2 kúrò nínú 68.5 tó wà nínú àṣamọ̀, ó kù 6.3. Ó dọ́gba. Mo fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n 68.5 ni nọ́ńbà tí kò tọ̀nà! Tí a bá yọ 62.2 kúrò nínú 68.4 tó tọ̀nà, 6.2 ni yóò kù, kò sì ní bá ìyàtọ̀ tí a kọ mu.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a sún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wá sílẹ̀ sí 68.4, a yọ nǹkan bí 0.05 kúrò. Nígbà tí a sún ẹgbẹ́ kejì sókè sí 62.2, a fi nǹkan bí 0.05 kún un. Àlàfo tó wà láàárín wọn fún mọ́ra láti ìhà méjèèjì, ó sì pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá odindi. Ìyàtọ̀ tí a sún kì í fìgbà gbogbo dọ́gba pẹ̀lú ìyàtọ̀ àwọn tí a ti sún. Àwọn kan máa ń fẹ́ tún un ṣe, wọn a yí 68.4 padà sí 68.5 kí oníṣirò má bàa bínú. Ẹ má ṣe é. Orí nọ́ńbà tí a kò tíì sún ni a ti ń ṣírò ìyàtọ̀, lẹ́yìn náà la ó sún un, a ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ àtẹ pé orí nọ́ńbà tí a kò tíì sún ni a ti ṣe ìyọkúrò, kí òǹkàwé mọ ìdí tí wọn kò fi dọ́gba. Gbólóhùn kan péré.

Bákan náà ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rí. Ẹgbẹ́ kejì wa tó jẹ́ 66 pín sí ìpele mẹ́ta: ènìyàn 21, 22 àti 23. Ìdá wọn jẹ́ 31.8, 33.3 àti 34.8. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 99.9 ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a sọ èyí tó gbẹ̀yìn di 34.9, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. 23 nínú 66 kì í ṣe 34.9.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ibi tí mo ṣì ń ro di báyìí. Iye p ni a fi ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ kan lè ṣèèṣì wá lásán; tó bá kéré sí 0.05, a máa ń ní a rí nǹkan. Èyí tí R fún wa fún ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ 0.0496. Nínú àṣamọ̀ mo kọ p < 0.05. Nínú ọ̀rọ̀ mo kọ p = 0.05. Nínú àtẹ, ẹ̀gbọ́n sún un sí ẹyọ mẹ́ta lẹ́yìn pọ́ìntì, ó sì di 0.050. Ibi mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ka àṣamọ̀ nìkan á ní a rí nǹkan. Ẹni tó bá wo àtẹ á ní 0.050 kò kéré sí 0.05, a ò rí nǹkan kan. Nọ́ńbà kan náà ni o.

Àlàfo ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀lé ìyàtọ̀ náà, èyí tó ń sọ ibi tí ìyàtọ̀ gidi lè wà, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. R ní ó bẹ̀rẹ̀ láti 0.011, ó parí sí 12.584. Ní ẹyọ kan lẹ́yìn pọ́ìntì, ó di 0.0 sí 12.6. Gbogbo ẹni tó ń ka irú pépà yìí ló mọ̀ pé ibi àkọ́kọ́ tí ojú ń lọ ni bóyá òdo wà nínú àlàfo náà tàbí kò sí, torí tó bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí ìyàtọ̀ rárá. Ráúńdì mi ti fi òdo síbẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nígbà tó yá ni pé mo fi ẹyọ méjì lẹ́yìn pọ́ìntì fún ìyàtọ̀ àti àlàfo rẹ̀, 6.30, láti 0.01 dé 12.58, mo sì kọ p = 0.0496 síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ mẹ́ta ni gbogbo iye p yòókù ní. Níbi tí ráúńdì bá ti fẹ́ gbé nọ́ńbà kan dé orí ààlà tí a fi ń ṣèdájọ́, mo fara mọ́ kí a fi ẹyọ kan kún un ju kí nọ́ńbà náà máa sọ̀rọ̀ méjì. Orí èyí tí a kò sún ni ìdájọ́ wà. Mo sì yọ ọ̀rọ̀ ńlá tí mo ti kọ nípa bí ọ̀nà tuntun náà ṣe dára tó. Àlàfo tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.01 tó sì parí lókè 12 kò gbà kí ènìyàn fi àyà lélẹ̀.

Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí olóòtú wa. Ó ní ẹyọ méjì jákèjádò, mo sì mọ̀ pé ohun tó rọrùn láti fi ojú yẹ̀ wò ló ń wá. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà bára mu kò túmọ̀ sí pé kí gbogbo wọn gùn bákan náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé irú nǹkan kan náà ní gígùn kan náà níbi gbogbo tó bá ti fara hàn. Ìpíndọ́gba tó jẹ́ 68.4 nínú àtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 68.4 nínú ọ̀rọ̀ àti nínú àṣamọ̀. Iye p lè ní mẹ́ta, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè ní ẹyọ kan, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ àti àlàfo rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ pínyà: tí ìyàtọ̀ bá ní méjì, etí àlàfo méjèèjì gbọ́dọ̀ ní méjì.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye tó tọ́? Mo máa ń wo ohun tí ẹ̀rí gbé. Ìwọ̀n ìfọ́nká máàkì wa jẹ́ nǹkan bí 18.5, tí a bá sì pín in sí gbòǹgbò 69, a ó rí i pé ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lè fì sọ́tùn-ún sósì ní nǹkan bíi máàkì 2.2. Nígbà tí máàkì méjì odindi kò dá wa lójú, kí ni ẹyọ kejì lẹ́yìn pọ́ìntì ń wá níbẹ̀? Ẹyọ kan tó, ó tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹgbẹ́ ènìyàn 66, ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ ìdá 1.5, nítorí náà ẹni tó kọ 31.82 ń ṣe fáàrí lásán. Mo ṣàlàyé èyí fún olóòtú nínú lẹ́tà ìdáhùn, ó sì gbà.

Ọ̀rọ̀ ìdajì náà wà o, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni pé tí nọ́ńbà bá wà láàárín gédégédé, a ó sún un sókè. Bí Excel náà ṣe ń ṣe nìyẹn tí nọ́ńbà bá ju òdo lọ. R kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló ń lọ:

```r
round(12.5)   # 12
round(13.5)   # 14
```

Ẹnì kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ìdá 12.5. Excel á ní 13, R á ní 12, pépà kan náà, òǹkọ̀wé méjì, kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe. Mo ti rí i kí ènìyàn méjì fẹ́ ta ohùn síra wọn lórí èyí. Ẹ yan sọ́fítíwíà kan tí yóò ṣe gbogbo ráúńdì, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án.

R tún ní ìwà kan tí ó máa ń ba àtẹ jẹ́: tí a bá ní kó sún 6.29776 sí ẹyọ méjì, 6.3 ló máa tẹ̀ jáde, ó ti gbé òdo jẹ. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹyọ kan ni wọ́n fẹ́. Òdo yìí yàtọ̀ sí ti èmi o, orí nọ́ńbà gidi ni a ti rí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó fara hàn. Ohun tí mo ń lò báyìí ni èyí:

```r
f <- function(x, k) formatC(x, format = "f", digits = k)
f(6.29776, 2)   # "6.30"
f(68.44928, 1)  # "68.4"
```

Mo máa ń kọ àtẹ, ọ̀rọ̀ àti àṣamọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo tí R ń kà, níbi tó bá sì yẹ kí nọ́ńbà wà, `f` ni mo ń pè, n kò fọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Bí a bá yọ ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yí padà pọ̀. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, tó ń lo Word, kó kọ nọ́ńbà gígùn sílẹ̀ sínú ewé kan tí kò ní jáde, kí ó máa ti ibẹ̀ sún un lọ sí ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n fáìlì kan náà kò gbà wá lọ́wọ́ gbogbo nǹkan. Tí mo bá fi `k` sí 1 nínú àṣamọ̀ tí mo sì fi sí 2 nínú àtẹ, R kò ní bá mi sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n fi máa ń jókòó kí a tó fi pépà ránṣẹ́: òun á máa ka àṣamọ̀ sókè, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, èmi á máa fi ìka wá a nínú àtẹ. Tí n kò bá rí i gẹ́lẹ́, pẹ̀lú òdo ìdí rẹ̀, a ó dúró.

A dá pépà náà padà pẹ̀lú 68.4, 62.2, àti ìyàtọ̀ 6.30, àlàyé abẹ́ àtẹ sì wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìdáhùn pé èmi ni mo fi òdo kún un, mo sì fi 4723 tí í ṣe àpapọ̀ máàkì ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ síbẹ̀ kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lè pín in fúnra rẹ̀. Èsì rẹ̀ nígbà kejì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ti pín in, ó sì jẹ́ 68.449. Ó wá béèrè ìdí tí a fi kọ 0.0496 nínú àtẹ, tí a sì kọ .0496 nínú àṣamọ̀.